Irin lè já láìyọ́

“Bí ooru ò bá tíì yọ́ abẹ́ tọ́báìnì, kò lè já. Ogún dígíìrì lórí rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.”

Irọ́ ni, ẹ̀yin ẹlẹ́ńjìnnì Adó-Èkìtì tí ẹ ń pín in kiri. Nínú ooru líle, bí ẹrù bá wà lórí àdàlù níkẹ́lì tí wọ́n fi ṣe abẹ́ náà, á máa fà díẹ̀díẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ á yọ láàárín àwọn hóró irin, wọ́n á so pọ̀, ó di jíjá.

Ẹ ṣírò rẹ̀: P = T(20 + log10 t). P ni iye Larson-Miller, tí kì í yí padà bí ẹrù ò bá yí padà; T ni ooru ní Kẹ́lífìnì, t ni wákàtí tí irin fi máa já. Ká ní abẹ́ kan lè lo wákàtí 10,000 ní 850°C, ìyẹn 1123 K. P jẹ́ 26,952. Ní 870°C, ẹ fi 1143 pín in, ẹ yọ 20 kúrò: 3.58 ló kù, ìyẹn log10 t; t wá jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 3,800. Ẹrù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà o! 20 yẹn pàápàá, àfojúbù ni; ìdánwò irin gangan ló ń sọ iye rẹ̀.