A yọ orúkọ kúrò, ẹni náà ṣì wà níbẹ̀

"A ti yọ orúkọ kúrò nínú dátà, a ti fi àmì tí kò nítumọ̀ rọ́pò rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ni ín mọ́." Irọ́ ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ní 2014, dátà ìrìn takisí Níú Yọ́ọ̀kì fún ọdún 2013 bọ́ sí gbangba. Wọ́n ti fi MD5, ìlànà ìṣirò kan tó máa ń fún nọ́ńbà kan ní àmì kan náà nígbà gbogbo, sọ nọ́ńbà takisí kọ̀ọ̀kan di àmì gígùn tí a ò lè yí padà. Lóòótọ́, a ò lè yí i padà. Ṣùgbọ́n ta ló nílò àtiyí i padà? Irú nọ́ńbà kan níbẹ̀ rí bíi 5X55: díjíìtì kan, lẹ́tà kan, díjíìtì méjì. Gbogbo irú rẹ̀ tó lè wà ò ju 26,000 lọ. Bí a bá ro àwọn irú yòókù mọ́ ọn, kò tó mílíọ̀nù 20. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní kí ẹ̀rọ rẹ̀ fi MD5 ṣe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fi èsì rẹ̀ wé ohun tó wà nínú dátà. Gbogbo nọ́ńbà náà hàn kedere.

Ká ní àmì tí a kàn ṣà láìní ìlànà ni wọ́n lò ńkọ́? Ìyẹn sàn, àmọ́ àmì kan náà ṣì ń so gbogbo ìrìn takisí kan pọ̀. Ẹni tó bá ní fọ́tò ìlúmọ̀ọ́ká kan níbi tó ti ń wọ takisí, tí ibi tó wà àti àkókò sì hàn, á rí ibi tó lọ àti iye tó san. Ìbòjú lásán nìyẹn. GDPR, òfin Yúróòpù tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn, pàápàá ṣì ka irú dátà bẹ́ẹ̀ sí dátà ẹni.

Ẹlòmíì á ní ká kúkú gbé iye nìkan jáde. Ó dáa. Òṣìṣẹ́ 41 ló wà ní ọ́fíìsì kan. Ìròyìn ní 7 nínú wọn ń gba ìtọ́jú àrùn kan. Ẹnì kan fiṣẹ́ sílẹ̀, ìròyìn tó tẹ̀ lé e ní 6. Ṣé ẹ rí i? A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àṣírí ẹnì kan sì ti tú.

Ibi tí differential privacy, èrò tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Cynthia Dwork àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2006, ti wọlé nìyí. Ìbéèrè wọn kò kan orúkọ rárá: bí a bá yọ ẹnì kan kúrò, ṣé èsì tí a ń gbé jáde á fi hàn? Kó má baà hàn, a ó ki nọ́ńbà kékeré kan tí a kàn ṣà bọ inú iye náà; ariwo ni wọ́n ń pè é. 7 lè jáde bíi 8, 6 náà lè jáde bíi 8. Ẹni tó ń wò ó ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní ε ló ń sọ bí àṣírí tó lè jò ṣe pọ̀ tó: bí ε bá ṣe kéré tó ni ariwo tí a fi sí i á ṣe pọ̀ tó, ni èsì á sì ṣe jìnnà sí òótọ́ tó.

Àmọ́ bí ẹnì kan bá béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ariwo tuntun á jáde; bó bá béèrè lẹ́ẹ̀ẹgbẹ̀rún tó sì wá agbedeméjì wọn, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́, òótọ́ á yọjú. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan fi ń jẹ nínú ε tí a yà sọ́tọ̀. Tó bá ti tán, a ò dáhùn mọ́.