Ẹni tó ní kí ẹ má fèsì sí lẹ́tà owó orí kò ṣe yín lóore

Bí lẹ́tà bá ti ọ́fíìsì owó orí dé ìsọ̀ ènìyàn ní Gbági, tó sì ní ìnáwó rẹ̀ ju owó tó kéde pé òun ń pa lọ, ìmọ̀ràn kan náà ni yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn alámùúlégbè rẹ̀: "Má dá wọn lóhùn o. Bí o bá ti fèsì, o ti jẹ́wọ́ pé owó wà lọ́wọ́ rẹ." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Bódìjà, mo ti gbọ́ ọ ní Alẹ́ṣinlọ́yẹ́, àwọn tó sì ń sọ ọ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ẹni tó fẹ̀sùn kàn ọ́ ni kó wá ẹ̀rí rẹ̀ wá, pé bí ìwọ bá ti panu mọ́, kò rí nǹkan mú.

Bẹ́ẹ̀ ló rí níwájú adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ olè. Kò rí bẹ́ẹ̀ nídìí owó orí. Òfin gba òṣìṣẹ́ owó orí láyè pé bí àlàyé ẹnìkan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, tàbí tí kò rí àlàyé kankan gbà, kó fi òye ara rẹ̀ gbé iye tó rò pé ẹni náà pa kalẹ̀, kó sì bu owó orí lé e. Láti ọjọ́ tí ìwé tó gbé iye náà bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, 30 ọjọ́ lẹ ní láti kọ ìwé àtakò. Tí 30 ọjọ́ bá kọjá tí ẹ kò kọ nǹkan kan, iye náà di gbèsè tí ẹ jẹ ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ kò tọ̀nà rárá. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026 kò mú 30 ọjọ́ yìí kúrò.

Lẹ́tà méjì ló sì wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀kan. Èkíní ń béèrè ọ̀rọ̀ ni: "A rí i pé ẹ kọ́ ilé, ẹ ra ọkọ̀, ẹ ṣàlàyé ibi tí owó ti wá." Iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín wà nínú rẹ̀. Èkejì ni èyí tó ti bu iye lé yín. Ẹni tó bá fèsì dáadáa sí èkíní lè má rí èkejì láéláé. Ẹni tó dákẹ́ sí èkíní, òun gan-an ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe èkejì.

Màmá kan tó ń ta léèsì àti àǹkárá ló gbé èkejì wá bá mi. Inú ọ̀rá tí wọ́n fi ń kó ègé léèsì hàn oníbàárà ló ká a sí, ó sì ti lo ọjọ́ 19 níbẹ̀. Èkíní ti dé lóṣù mẹ́ta ṣáájú, àwọn alámùúlégbè rẹ̀ ní kó má fèsì, ó sì gbọ́ràn. Ọjọ́ 11 péré ló kù fún wa.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2024 ni. Owó tí Màmá kéde pé òun pa lọ́dún náà, lẹ́yìn tó ti yọ owó ọjà kúrò, jẹ́ ₦4,200,000. Lẹ́tà ní ó fi ₦9,000,000 kọ́lé sí Àkóbọ̀, ó fi ₦5,500,000 ra ọkọ̀, ó sì san ₦1,400,000 owó iléèwé ọmọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦15,900,000. Wọ́n yọ èyí tó kéde kúrò, ó ku ₦11,700,000, wọ́n sì mú gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tó pa tí kò sọ. Nígbà tí mo fi ìlànà owó orí ti ọdún 2024 ṣe é, owó orí tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ₦2,245,200, láìka owó ìtanràn àti èlé.

Màmá ní, "Ọmọ mi, irọ́ ni wọ́n ń pa. Gbogbo ayé ló mọ bí mo ṣe rówó." Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Màmá. Ẹ jẹ́ ká fi hàn wọ́n lórí ìwé."

Ohun tí a ṣe ni pé a pín ìwé sí méjì. Apá kan, gbogbo ọ̀nà tí owó gbà wọlé lọ́dún 2024, títí kan èyí tí kì í ṣe èrè. Apá kejì, gbogbo ohun tó ná lọ́dún kan náà, títí kan oúnjẹ ilé tí lẹ́tà kò tilẹ̀ mẹ́nu bà. Ẹ má fo ti oúnjẹ yẹn. Bí ẹ bá gbé ìṣirò kalẹ̀ tó fi hàn pé ẹ kò jẹun fún odidi ọdún, kò sí ẹni tí yóò gba ìyókù gbọ́.

Ilé Àkóbọ̀ ló kọ́kọ́ wó ìṣirò wọn. Òótọ́ ni pé ilé náà lè tó ₦9,000,000, ṣùgbọ́n ọdún 2021 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Bíríkìlà ní ìwé kékeré kan tó ń kọ owó iṣẹ́ àti sìmẹ́ǹtì sí, rìsíìtì páànù àti pákó wà, àwòrán inú fóònù sì wà tí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀: ní ìparí 2023, ògiri ti dúró, òrùlé ni kò tíì sí. Ohun tó ná sórí ilé náà lọ́dún 2024 kò ju ₦3,100,000 lọ. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ nìyí. Ẹni tó wo ilé láti ìta kò lè mọ ọdún tí owó rẹ̀ jáde, àfi tí onílé bá sọ.

Owó iléèwé náà, bàbá àwọn ọmọ ló san ₦900,000 nínú rẹ̀ láti inú owó oṣù tirẹ̀, ó sì hàn nínú àkọsílẹ̀ báńkì bàbá. Ti Màmá jẹ́ ₦500,000. Ọkọ̀ jẹ́ ₦5,500,000 lóòótọ́. A fi ₦1,800,000 kún un fún oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé, àti ₦200,000 tó kù ní báńkì nígbà tí ọdún parí. Apá ìnáwó wá di ₦11,100,000.

Ní apá tí owó gbà wọlé, ₦4,200,000 tó kéde ló ṣáájú. ₦1,100,000 wà ní báńkì kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ó ta ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ní ₦1,800,000, ìwé àdéhùn wà, owó sì wọ àkáǹtì. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kánádà fi ₦1,200,000 ta á lọ́rẹ. Ẹ̀bùn kì í ṣe èrè ọjà, ṣùgbọ́n "àbúrò mi ló fún mi" kì í ṣe ẹ̀rí. A so ojú ìwé báńkì tí owó náà gbà wọlé mọ́ lẹ́tà tí àbúrò fọwọ́ sí, èyí tó sọ ọjọ́, iye àti ìdí.

Ìgbà tó kan èsúsú ni mo ní láti dá Màmá dúró. Ó ní kí n kọ ₦2,500,000 sílẹ̀, torí iye tó kó nìyẹn ní oṣù kẹta 2024. Ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n, ₦250,000 ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù, láti oṣù kẹsàn-án 2023 dé oṣù kẹfà 2024. Ẹ wò ó: owó tí Màmá dá fúnra rẹ̀ ló padà sọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin tó fi dá a lọ́dún 2023, ₦1,000,000 ni. Oṣù mẹ́fà ti 2024, ₦1,500,000 ni, inú owó tó pa lọ́dún 2024 náà ló sì ti yọ ọ́. Bí a bá kọ ₦2,500,000 sí apá ìwọlé láìkọ ₦1,500,000 sí apá ìnáwó, a ti ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì. ₦1,000,000 nìkan ni èsúsú lè ṣàlàyé. Òṣìṣẹ́ owó orí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i lójú ẹsẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú fúra wo gbogbo ohun tó kù. Ìwé èsúsú pẹ̀lú ìfọwọ́sí olórí wọn ni a fi tì í lẹ́yìn.

Àròpọ̀ ìwọlé jẹ́ ₦9,300,000. Ìnáwó jẹ́ ₦11,100,000. ₦1,800,000 kò ní ìyá, kò ní bàbá.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní àwọn ẹlẹ́bí kan wá ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ òun ní ìparí ọdún, owó lọ́wọ́ ni wọ́n san, òun kò kọ ọ́ síbì kankan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ká wá ẹnìkan tí yóò fọwọ́ sí i pé òun ló yá a lówó. Mo kọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé gbèsè irọ́, wọ́n lè béèrè ibi tí òun náà ti rí owó tó yá ni. Àti pé bí ọ̀kan bá já nínú àlàyé yín, èyí tó jẹ́ òótọ́ náà yóò bá a lọ. Èrè ni ₦1,800,000 yẹn, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Owó orí tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ₦344,400. Ìtanràn àti èlé lè gun orí rẹ̀, mo sì sọ fún Màmá kó tó fọwọ́ sí i.

Ìwé àtakò wa kò ju ojú ewé méjì lọ. Ó dárúkọ ìwé tí a ń takò pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀, ó sọ ìdí tí a fi takò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ iye tí a gbà pé ó pa àti owó orí tó yẹ kó jẹ́. Ìyẹn tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Wọ́n á kọ "owó yìí ti pọ̀ jù, ẹ ṣàánú mi," òfin sì ń béèrè iye tí ẹ̀yin fúnra yín rò pé ó tọ́. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe àtakò. Ìyẹn náà ni kò jẹ́ kí lílọ rí ẹni tí ẹ mọ̀ ní ọ́fíìsì dúró dípò ìwé. Ẹ lè bá ara yín sọ ọ́ tán pẹ̀lú ẹ̀rín, kí 30 ọjọ́ pé láìsí nǹkan kan nínú fáìlì.

Bí wọ́n bá wo àtakò yín tí wọ́n sì kọ̀ láti yí iye padà, wọn yóò kọ̀wé pé àwọn kọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, 30 ọjọ́ mìíràn wà láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí owó orí. Níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní iye náà kò tọ́ lẹ máa fi ẹ̀rí hàn.

Ọjọ́ 26 ni a mú ìwé lọ, ẹ̀dà méjì, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rí tí a fi nọ́ńbà sí lára. Akọ̀wé fẹ́ gba méjèèjì. Mo ní kó bá wa lu òǹtẹ̀ lé ọ̀kan, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì fọwọ́ sí i. Ó ṣe é. Màmá ká a, ó fi sínú ọ̀rá léèsì rẹ̀ níbi tí lẹ́tà tiwọn ti wà tẹ́lẹ̀.