Èsì wa sí oníbàárà tí máìkì aláìníwáyà mẹ́rin rẹ̀ ń já lóde

"Sítáà 2. Risífà yìí ò dáa. Mo tẹ́ẹ̀sì àwọn máìkì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nílé, gbogbo ẹ̀ dún ketekete, àmọ́ ìgbà tá a dé òde tá a tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, nọ́ńbà 3 àti 4 ń pariwo ṣàà, tí olóòtú ètò bá sì ti wọ àárín èrò, tiẹ̀ á kàn dákẹ́ lójijì. 520, 522, 524 àti 526 MHz ni mo tò wọ́n sí, mo wò ó, kò sẹ́ni tó ń lo ibẹ̀. Inú rákì lẹ́yìn síkírìnì la gbé risífà sí. Ẹ dá owó mi padà."

Ẹ kú iṣẹ́ o ọ̀gá wa, ẹ sì ṣeun gan-an tẹ́ ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yẹn síbẹ̀, torí àwọn míì á kàn kọ "kò dáa" wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ohun tẹ́ ẹ kọ ló jẹ́ ká rí i pé wàhálà méjì ló wà ńbẹ̀, ariwo ti máìkì 3 àti 4 ò jọ dídákẹ́ ti olóòtú rárá, oògùn wọn ò sì pa pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ariwo ná. Àlàfo 2 MHz lẹ fi sáàárín gbogbo máìkì yín, ó dọ́gba, ó sì dùn-ún wò lójú, àmọ́ dídọ́gba yẹn gan-an ló kó bá yín. Tí máìkì méjì bá wà lórí ìná nígbà kan náà tí wọ́n sì sún mọ́ra, sígínà ìkíní máa ń wọnú ti ìkejì, ó lè jẹ́ nínú máìkì fúnra ẹ̀, ó sì lè jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà risífà, wọ́n á wá bí sígínà kẹta tí ẹnikẹ́ni ò tò, àlejò àìpè ni ká pè é. Èyí tó máa ń dáni láàmú jù nínú wọn ò ṣòro ṣírò, ẹ sọ nọ́ńbà máìkì kan di ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ yọ nọ́ńbà máìkì kejì kúrò:

```
2 x 522 - 520 = 524
2 x 524 - 522 = 526
```

Ẹ rí i báyìí? Máìkì 1 àti 2 ló bí àlejò tó jókòó lé máìkì 3 lórí, 2 àti 3 ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún 4. Ká sòótọ́, 1 àti 2 náà ò bọ́, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ lódì ẹ máa rí i pé àlejò ń bọ̀ lórí tiwọn náà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn tó mú 1 àti 2 ló sún mọ́ risífà jù, torí èyí tó bá lágbára jù ni risífà máa ń gbọ́. Ìdí tẹ́ ẹ ò fi rí nǹkan kan nílé náà nìyẹn, máìkì kan ṣoṣo ò lè bí àlejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni SCAN tí risífà fi ń wá nọ́ńbà tó ṣófo ò lè fi hàn yín, àwọn ará ìta nìkan ló ń rí, kò mọ ohun tí máìkì tiyín máa bí tí wọ́n bá pàdé.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán o, ẹ dán an wò. Ẹ tò ó padà sí nọ́ńbà àtijọ́ yẹn, ẹ pa máìkì 3, ẹ tan 1 àti 2, kẹ́ ẹ mú orí wọn súnmọ́ ara wọn nítòsí risífà, kẹ́ ẹ wá wo ilà RF, èyí tó ń fi agbára sígínà hàn, lójú risífà nọ́ńbà 3. Máìkì ẹ̀ ti kú, àmọ́ ilà yẹn á ṣì máa tàn. Kí ẹnì kan wá mú máìkì 2 rìn jìnnà díẹ̀, ẹ máa rí bí ilà yẹn ṣe ń wálẹ̀. Tí máìkì bá wà ní pípa tí ilà RF ẹ̀ ń tàn, nǹkan míì ló wà lórí nọ́ńbà yẹn, kẹ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ní gbogbo òde tẹ́ ẹ bá lọ.

Ẹ tò ó báyìí: 520, 522, 528, 532. Ẹ mú méjì èyíkéyìí nínú wọn, àlàfo wọn ò ní jọ ti méjì míì, ìdí nìyẹn tí irú àlejò tá a ṣírò lókè yìí ò fi ní jókòó lé ẹnì kankan lórí. Tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá wà lórí ọ̀kan nínú ẹ̀ ládùúgbò tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣeré, ẹ sún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ níye kan náà, ẹ má sún ẹyọ kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ bá sún ẹyọ kan ẹ ti da ìṣirò rú nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ibi tẹ́ ẹ sún un sí, òfin ìlú yín gbà á fún máìkì. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìṣirò, kó mú GROUP kan, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tó ti wà nínú risífà, kó sì fi gbogbo máìkì ẹ̀ sínú GROUP yẹn, àwọn tó ṣe é ti bá yín ṣírò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe SCAN, kí gbogbo máìkì wà ní pípa, kí síkírìnì àti iná sítéèjì wà ní títàn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa tan máìkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láì pa èyí tó ti tàn tẹ́lẹ̀.

Ó ku ti olóòtú. Tiẹ̀ ò pariwo, ó kàn dákẹ́, ìyẹn ni pé sígínà ò dé ọ̀dọ̀ risífà mọ́, risífà wá pa ohùn kí ariwo má baà jáde. Rákì onírin lẹ gbé e sí, ẹ tún wá fi síkírìnì ńlá dí i níwájú, síkírìnì yẹn fúnra ẹ̀ sì máa ń tú ariwo sáfẹ́fẹ́. Èrò tún wà láàárín, omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, omi sì máa ń mu irú sígínà yìí. Áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ lè rí máìkì, bẹ́ẹ̀ ló rí, kò sí ọgbọ́n míì. Ẹ gbé e jáde síwájú, kó ga ju orí èrò tó dúró lọ, kó má fara kan irin, kẹ́ ẹ sì ya áńtẹ́nà méjèèjì sọ́tọ̀ bí ìdajì mítà, kí wọ́n tẹ̀ síta díẹ̀ bíi V. Ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì ni pé sígínà máa ń lu ògiri padà, ó lè pa ara ẹ̀ lójú kan, kó sì dáa bí ẹsẹ̀ bàtà kan síbẹ̀, risífà á wá máa mú èyí tó bá dáa nínú A àti B. Tẹ́ ẹ bá rí i pé A nìkan ló ń tàn láti àárọ̀, ẹ lọ wo wáyà B.

Ẹ má wá sọ pé kó súnmọ́ náà kó wá lọ wà lẹ́nu olórin o, kó jìnnà tó mítà 3 ó kéré tán, tí sígínà bá ti pọ̀ jù á bo risífà mọ́lẹ̀, àlejò àìpè á sì padà dé. Àwọn míì máa ń fi wáyà tín-ín-rín gígùn so áńtẹ́nà mọ́ risífà, wáyà yẹn á ti jẹ sígínà tán kó tó dé. Èmi o, risífà fúnra ẹ̀ ni mo máa gbé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítéèjì níwájú, màá wá fa wáyà ohùn lọ síbi míksà, ìyẹn lè gùn ju wáyà áńtẹ́nà lọ dáadáa. Kẹ́ ẹ tún sọ fún olóòtú kó má fọwọ́ bo ìdí máìkì, ibẹ̀ ni áńtẹ́nà ẹ̀ wà. SQUELCH tó ń pa ohùn yẹn ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án, tẹ́ ẹ bá dín in kù ohùn ò ní tètè já lóòótọ́, àmọ́ gbogbo pàǹtí inú afẹ́fẹ́ ló máa gba sípíkà yín jáde.

Ní ti owó, ẹ bá wa ṣe èyí ná. Ẹ fi bátìrì tuntun sí máìkì 3, ẹ pa gbogbo ìyókù, ẹ gbé risífà sórí tábìlì ní gbangba, kẹ́ ẹ dúró bíi mítà 5 sí i láìsí nǹkan kan láàárín, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 4 náà, lórí nọ́ńbà tuntun. Tó bá já báyẹn, àbùkù wà lára ẹ̀ nìyẹn, ẹ fi fídíò ojú risífà ránṣẹ́ sí inbọ́ọ̀sì wa kí ilà RF hàn dáadáa, a máa pààrọ̀ ẹ̀ tàbí ká dá owó yín padà, èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́.