Ọjọ́ ìsanwó wà nínú ìwé àdéhùn kóòtù

"Tí a bá ti fọwọ́ sí àdéhùn ní kóòtù Ilọrin, ẹjọ́ parí nìyẹn. Ẹ kàn tọ́jú ìwé náà."

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ìdájọ́ ni àdéhùn yẹn dà lọ́jọ́ tí adájọ́ gbà á wọlé. Ẹ fo ìtàn ẹjọ́ tó wà lókè ìwé náà. Ibi tí kóòtù ti pàṣẹ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́tọ̀: ta ni yóò ṣe kí ni, ìgbà wo? Ká ní ó sọ pé kí ẹ san gbèsè ₦600,000 lẹ́ẹ̀mẹta, àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn àṣẹ, àṣẹ sì jáde lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta. A kì í ka ọjọ́ àṣẹ mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ 17 ló gbẹ̀yìn. Ẹ wá ka ìpínrọ̀ ìsàlẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni ata máa ń wà: bí ẹ bá fo ìgbà ìsanwó kan, ó lè ní kí ẹ san gbogbo owó tó kù lẹ́ẹ̀kan náà.