Àtúnṣe: Ta ló ni àfọ́kù ọkọ̀ lẹ́yìn tí ínṣọ́ránsì bá sanwó tán?

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn sọ pé: "Ẹ má gbà fún wọn o! Tí ínṣọ́ránsì bá san owó ọkọ̀ yín tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ti yín ṣì ni àfọ́kù rẹ̀. Olè ni wọ́n ń jà tí wọ́n bá wọ́ ọ lọ."

Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ni láti dá yín padà sí ipò tí ẹ wà kí àdánù tó dé, kì í ṣe kí ẹ jèrè lórí rẹ̀. Ká ní owó ọkọ̀ náà jẹ́ 1,000 kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀kùn àti táyà tó kù sì lè mú 200 wọlé. Bí ẹ bá gba 1,000, tí ẹ tún ta àfọ́kù, ẹ ti gba 1,200 lórí ọkọ̀ 1,000. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó san gbogbo owó fi lè gba àfọ́kù, kó tà á, kó fi dín ohun tó san kù.

Bí ẹ bá fẹ́ràn ọkọ̀ náà, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí ẹ mú un sọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbà, wọn yóò yọ 200 náà, ẹ ó gba 800. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra gan-an nìyí: ẹ béèrè bí wọ́n ṣe díye lé àfọ́kù, nítorí bí wọ́n bá pè é ní 400, 600 péré ló kàn yín.

Àmọ́ tó bá jẹ́ owó àtúnṣe nìkan ni wọ́n san, ọkọ̀ ṣì jẹ́ ti yín. Ẹrù yín tó wà nínú rẹ̀ náà, ẹ kó o. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín níbi tó ti sọ̀rọ̀ àfọ́kù, kí ẹ sì rí iye owó náà lákọsílẹ̀ kí ẹ tó fi ìwé ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.