Ọmọ tó gba 19 nínú 20 lórí kuadrátíìkì, ṣé ó ti mọ̀ ọ́n lóòótọ́?

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ fáwọn òbí nílé lẹ́sìn wa ní Lágere níbí nÍfẹ̀ pé kí ọmọ wọn má fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣe tọ́píìkì kan ṣoṣo, òwe kan náà ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kó parí kuadrátíìkì ná, kó wọ̀ ọ́ lára, kó tó lọ sórí nǹkan míì." Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi, torí báyẹn ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà, báyẹn gan-an sì ni ìwé mátíìsì ṣe wà: orí kan, àpẹẹrẹ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ́sásáìsì tó ní ogún sọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ irú kan náà. Àmọ́ kì í ṣe òótọ́ pé bí ọmọ bá ti ṣe ogún irú kan náà tó sì gbà á, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ jẹ́ n fi ohun tójú mi rí ṣàlàyé ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, SS 2 ló wà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní kuadrátíìkì tán níléèwé, ó jókòó, ó ṣe gbogbo ogún sọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ́sásáìsì yẹn, ó gba 19. Inú ìyá ẹ̀ dùn, inú tèmi náà dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo fún un ní pépà kékeré kan, sọ́ọ̀mù márùn-ún péré, mi ò kọ orúkọ tọ́píìkì kankan sórí ẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn ò tíì kọ́ ọ:

1. Fátọ́ráìsì x² − 7x + 12
2. Wá x: x² = 7x
3. Wá x: (x − 7)² = 16
4. Wá x: x² − 7x + 3 = 0
5. Wá x: 7 − 2x < 13

Ọ̀kan ló gbà. Ẹ wo bó ṣe ṣe é o, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Nọ́ńbà kìíní, ó kọ x = 3 tàbí x = 4. Ìṣirò ẹ̀ ò burú rárá, àmọ́ ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìkuéṣọ̀n, kò sí "= 0" níbẹ̀, ohun tí wọ́n ní kó kọ ò ju (x − 3)(x − 4) lọ. Ogún sọ́ọ̀mù tó ti ṣe lọ́jọ́ yẹn, "wá x" ni gbogbo ẹ̀, kò nídìí tó fi yẹ kó wo ohun tí wọ́n ní kó ṣe mọ́, ọwọ́ ẹ̀ kàn ń lọ fúnra ẹ̀ ni. Nọ́ńbà kejì, ó fi x pín ọ̀tún pín òsì, ó ní x = 7, ó parí. Odo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, torí tó bá kó gbogbo ẹ̀ sápá kan, x² − 7x = 0, x(x − 7) = 0, á rí i pé x = 0 tàbí x = 7. Nọ́ńbà kẹta ló gbà, àmọ́ ọ̀nà jíjìn ló gbà dé ibẹ̀: ó ṣí búrákẹ́ẹ̀tì, ó gbé 16 wá, ó di x² − 14x + 33 = 0, ó fátọ́ráìsì ẹ̀, ó rí 3 àti 11. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á kàn mú rúùtù ọ̀tún àti òsì ni, x − 7 = 4 tàbí x − 7 = −4, ó parí ní ìlà méjì.

Nọ́ńbà kẹrin ló dùn mí jù. Ó ń wá nọ́ńbà méjì tó jẹ́ pé téèyàn bá sọ wọ́n di púpọ̀ á jẹ́ 3, tó bá ro wọ́n pọ̀ á jẹ́ −7, ó wá a títí, ó ń kọ ọ́ ó ń pa á rẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ níbẹ̀, ó fi sílẹ̀. Kò sí nọ́ńbà odidi méjì tó rí bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ó wo b² − 4ac lásán, 49 − 12 = 37, 37 ò ní rúùtù tó gún, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé fọ́múlà ló kàn, á sì rí 6.54 àti 0.46. Mo bi í bóyá kò mọ fọ́múlà yẹn. Ó kà á fún mi lórí láìṣi ọ̀rọ̀ kan! Ó mọ̀ ọ́n, kò kàn mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó, torí ẹ́sásáìsì fọ́múlà wà lábẹ́ àkọlé fọ́múlà nínú ìwé, ti fátọ́ráìsì sì wà lábẹ́ àkọlé tiẹ̀, kò tíì sọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni fún un ní méjèèjì papọ̀ pé kó yan èyí tó yẹ. (Nọ́ńbà karùn-ún, màá padà sórí ẹ̀.)

Ohun tí mo ń sọ nìyí. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú sọ́ọ̀mù áljẹ́bírà kọ̀ọ̀kan: kéèyàn wò ó kó mọ irú èyí tó jẹ́, lẹ́yìn náà kó wá ṣe é. Tí gbogbo sọ́ọ̀mù tó wà lójú ìwé bá jẹ́ irú kan náà, àkọlé orí yẹn ti bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìkejì nìkan ló kù fún un. Wáẹ̀kì ò sì ní kọ àkọlé sórí ìbéèrè fún ẹnì kankan. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fáwọn òbí pé òwe eku méjì yẹn ò bá ọ̀rọ̀ yìí mu, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan náà lọmọ ń ṣe sọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ ihò ló jọ. Ẹni tó ń ṣọdẹ eku gbọ́dọ̀ mọ ihò eku yàtọ̀ sí ihò ejò kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tó bá sì jẹ́ pé ihò eku nìkan ni wọ́n fi hàn án látọjọ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́, kò lè dá a mọ̀.

Àwọn kan ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kì í ṣe èmi nìkan. Doug Rohrer àti Kelli Taylor, ní Yunifásítì Sáúsì Fúlọ́rídà ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde ní 2007. Wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí wọ́n ṣe ń wá fọ́líọ́ọ̀mù oríṣi nǹkan mẹ́rin, àwọn kan ṣe sọ́ọ̀mù wọn ní irú kan náà léra wọn, àwọn kan ṣe é ní àdàlù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi dánra wò, àwọn tó ṣe irú kan náà gba ìpín 89 nínú 100, àwọn tó ṣe àdàlù gba 60. Òbí tó bá dúró síbẹ̀ á ní àdàlù ò dáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó gba 89 já wálẹ̀ sí 20, àwọn àdàlù gba 63. Ní 2020 Rohrer àtàwọn míì tún ṣe é fáwọn ọmọ bíi ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, kíláàsì 54, ọmọ 787, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì wá fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì tí wọn ò sọ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Àwọn tó ṣe àdàlù gba 61, àwọn yòókù gba 38.

Ìdí tí ìgbàgbọ́ yìí fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn, máàkì ọjọ́ yẹn ló ń tan gbogbo wa, tíṣà, òbí, ọmọ fúnra ẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe irú kan náà, ara ẹ̀ balẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń yá sí i. Ọmọ tó ń ṣe àdàlù máa ń rò pé òun ò mọ nǹkan kan, á ṣi púpọ̀, á sì pẹ́ jù, torí ó ní láti dúró ronú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan. Ìdúró ronú yẹn gan-an ni ìdánrawò o.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé, kò sì gba kéèyàn ra ìwé míì. Ẹ́sásáìsì tó ní ogún sọ́ọ̀mù yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ tuntun, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré lọmọ máa ṣe léra wọn, torí ẹni tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é rárá ò lè yan ohunkóhun, èmi ò sọ pé kéèyàn da ọmọ tuntun sínú àdàlù lọ́jọ́ kìíní. Àwọn tó kù, a ò ní fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn. A máa ń kọ ọ́ sórí bébà pélébé pélébé, sọ́ọ̀mù níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn, a dà á sínú agolo mílíìkì ńlá pẹ̀lú ti àwọn orí tó ti kọjá. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ọmọ á mú mẹ́jọ, méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹ̀ láti orí tuntun, ìyókù láti orí àtijọ́, tí irú kan náà bá tẹ̀ léra wọn á gbé ọ̀kan sẹ́yìn. Sọ́ọ̀mù ò pọ̀ sí i, ibi tá a gbé e sí ló yí padà, a sì ń rí kuadrátíìkì fún ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ dípò ìrọ̀lẹ́ kan.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì ni pé wọ́n á da ohun tí ò jọra rárá pọ̀, kuadrátíìkì kan, sáákùlì kan, ìṣirò owó èlé kan. Ìyẹn náà ń rán ọmọ létí ohun tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò kọ́ ọ ní yíyàn, torí kò sẹ́ni tó máa ṣi sáákùlì mú fún kuadrátíìkì. Àwọn tó jọra lójú ni kẹ́ ẹ wá, bí márùn-ún tí mo kọ sókè yẹn, 7 àti x ló kún inú gbogbo ẹ̀, ọmọ ò sì lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà nítòsí náà, kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, tí kò bá rí i pé òun ṣi yíyàn lójú ẹsẹ̀, á máa ṣì í lọ bẹ́ẹ̀ ni.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ sọ́ọ̀mù kan, á kọ́kọ́ kọ ìlà kan: ọ̀nà wo, kí nìdí. "Fọ́múlà, torí 37 ò ní rúùtù tó gún." Tó bá gbà á, ó dáa. Tó bá kùnà, mo máa ń fi Y sí i tó bá jẹ́ pé yíyàn ló ṣì, mo sì máa ń fi Ṣ sí i tó bá jẹ́ ìṣirò. Nọ́ńbà karùn-ún ọmọbìnrin yẹn, ó mọ̀ pé inikuálítì ni, ó gbé 7 kọjá dáadáa, ó dé −2x < 6, ó wá kọ x < −3. Kò yí àmì padà nígbà tó fi −2 pín in, x > −3 ló yẹ kó jẹ́. Ṣ nìyẹn, òun nìkan ni mo fi Ṣ sí nínú pépà yẹn, mẹ́ta Y, ọ̀kan ló gbà. Àdàlù ló wo Y sàn fún un, ó gbà wá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó rí pépà tí ò ní Y kankan. Ṣ yẹn ní tiẹ̀, mo ní kó jókòó ṣe inikuálítì mẹ́fà léra wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí gbogbo ẹ̀ ní nọ́ńbà nẹ́gẹ́tíìfù níwájú x, lẹ́yìn náà a dá ìyókù padà sínú agolo.