Ràkúnmí Kan Tí Wọ́n Fi Kún Ogún

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdúró ni a máa ń wà láti ka tábìlì ìsọdipúpọ̀, ẹni tí ó bá sì ṣì í kà yóò jẹ pàṣán. Láti ìgbà náà ni àyà mi ti máa ń já bí mo bá rí ìdá nínú ìwé, mo sì ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí n tó tún fi ọwọ́ ara mi ṣí ìwé ìṣirò.

Ìwé tí ó mú mi padà ni O Homem que Calculava, èyí tí a lè pè ní Ọkùnrin Tí Ó Ń Ṣírò. Ọdún 1938 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Malba Tahan ni orúkọ òǹkọ̀wé tí ó wà lára rẹ̀, ó sì dún bí orúkọ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ará Bùràsíìlì kan, Júlio César de Mello e Souza, ni ó fi orúkọ náà bojú. Ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èmi kà.

Beremiz, ará Páṣíà tí ó mọ ìṣirò bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ ń gun ràkúnmí kan ṣoṣo lọ sí Bàgídáádì. Ní ojú ọ̀nà, wọ́n bá àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọ́n ń jà lórí ràkúnmí 35 tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Bàbá ti ní kí àkọ́bí gba ìdajì, kí èkejì gba ìdá kan nínú mẹ́ta, kí àbíkẹ́yìn sì gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ìdajì 35 jẹ́ 17 àti ààbọ̀, ta ni yóò sì gé ràkúnmí sí méjì? Beremiz fi ràkúnmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kún un, ó di 36. Àkọ́bí gba 18, èkejì gba 12, àbíkẹ́yìn gba 4. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 34, ó wá ṣẹ́ ku méjì: ọ̀rẹ́ gba tirẹ̀ padà, Beremiz sì mú èkejì gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́.

Ẹni tí ó bá ka èyí bí àlọ́, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó sì ṣí ojú ewé kejì, kò tíì ka ìwé náà. Ìwé tí ó yẹ irú wa ni èyí tí ìtàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn títí a ó fi mú bírò. Ìbéèrè tí ó gba oorun lójú mi ni pé: níbo ni ràkúnmí Beremiz ti wá?

Ọsàn 18 ni mo fi wá ìdáhùn, nítorí pé 18 ṣeé pín sí méjì, sí mẹ́ta àti sí mẹ́sàn-án láìsí ìṣẹ́kù. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 9, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ 6, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án sì jẹ́ 2. 9 + 6 + 2 = 17. Ọsàn kan jókòó síbẹ̀ tí kò ní olówó. Bàbá kò pín gbogbo ogún rẹ̀ tán láti ìbẹ̀rẹ̀: nínú gbogbo ràkúnmí 18, ọ̀kan kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú 36, ó di méjì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan pàápàá gbà ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí pé ààbọ̀ ràkúnmí ni ó kún ti àkọ́bí, láti 17 àti ààbọ̀ sí 18, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ráhùn.

(Ọgbọ́n yìí kò sì ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí a bá pe 36 ní mẹ́rìndínlógójì, a ti kọ́kọ́ lọ dé ogójì ná kí á tó yọ mẹ́rin kúrò.)

Ohun tí mo kórìíra ni àwọn ìwé tí wọ́n ń sọ fún wa ní ojú ewé àkọ́kọ́ pé ìṣirò rọrùn. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, tí kò sì yé e, yóò kàn gbà pé òpè ni òun. Bí mo bá fẹ́ ra ìwé báyìí, àárín rẹ̀ ni mo máa ń ṣí, kí n wò ó bóyá òǹkọ̀wé ṣì ń sọ ìdí tí ó fi gbé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí ó ti ń to àmì lé àmì bí olùkọ́ wa àtijọ́.

Lẹ́yìn ọsàn náà, mo tún dán nǹkan kan wò. Mo yí ìpín àbíkẹ́yìn padà sí ìdá kan nínú mẹ́fà. Ọsàn 18 di 9, 6 àti 3, kò sì ku ẹyọ kan. Mo wá padà sí ràkúnmí 36: 18, 12 àti 6, gbogbo rẹ̀ tán pátápátá, ti ọ̀rẹ́ Beremiz náà bá a lọ. Àwọn méjèèjì ì bá fi ẹsẹ̀ rìn dé Bàgídáádì.